Adé ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti igi ẹ̀gẹ́: èwo la ń dúró kó gbẹ, èwo ni kò gbọdọ̀ gbẹ?

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, fídíò kan náà ni àwọn ará àdúgbò ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ẹnì kan gé orí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó gbé e sínú ife omi, nígbà tí yóò sì fi hàn wá lẹ́ẹ̀kejì, gbòǹgbò ti kún ìdí ife. Ẹni tó bá wò ó tán á gbé tiẹ̀ náà sómi, á tún wá igi ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó mi ń rùn?" "Bùọ̀dá, igi ẹ̀gẹ́ mi yọ ewé dáadáa, ó tún kú. Ṣé ilẹ̀ àgbàlá wa ni kò dáa ni?" Láti Bàrígà dé Múṣin, ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́.

Ilẹ̀ kọ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nǹkan méjì tí ìwà wọn kò jọra la ń tọ́jú bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Adé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní láti gbẹ ní ojú ibi tí a ti yọ ọ́ kó tó wọlẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ rárá, láti ọjọ́ tí a ti gé e lára ìyá rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a máa gbìn ín. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àlàyé tí mo fẹ́ ṣe dá lé.

Kí ni adé, kí ni ojú, kí ni oje?

Adé ni ìdì ewé tó wà lórí èso ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Tí ẹ bá ń ya àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó bá kùkùté kékeré kan nínú, ó funfun, ó sì le. Kùkùté yẹn ni ohun ọ̀gbìn gan-an, torí ara rẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jáde.

Ojú ni àwọn kókó kéékèèké tó tò sára igi ẹ̀gẹ́, níbi tí ewé ti já bọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ. Èyí tí ilẹ̀ bá bò nínú wọn, gbòǹgbò lè gba ibẹ̀ jáde.

Oje ni omi funfun tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tí a bá ha igi ẹ̀gẹ́ lára. Òun la fi ń mọ̀ bóyá igi ṣì wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò gbé oko rí máa ń bi mí: ẹ̀gẹ́ tí a ń rà lọ́jà, tí a ń bó tí a ń sè, kò ní ojú. Ẹni tó bá gé e sí wẹ́wẹ́ bí èèbù iṣu, tó gbìn ín, yóò kàn jẹrà sínú ilẹ̀ ni. Igi rẹ̀ nìkan la ń gbìn.

Kí ló dé tí adé ọ̀pẹ̀ òyìnbó fi ní láti gbẹ?

Ibi tí adé ti kúrò lára èso, ọgbẹ́ ni. Ọgbẹ́ yẹn tutù, ó dùn, ó kún fún omi ṣúgà. Bí a bá gbé e wọ ilẹ̀ báyìí, àwọn kòkòrò àìfojúrí àti èbu tó wà nínú ilẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé kí gbòǹgbò tó ráyè yọ. Bí ọmọdé bá fi orúnkún gbá ilẹ̀, a kì í jẹ́ kó wọ inú omi àgbàrá títí egbò náà á fi sé èépá. Ohun kan náà là ń ṣe fún adé: à ń dúró kó sé èépá.

Àmọ́ kí ló dé tí kò fi ní rọ láàárín ọjọ́ tó ń dúró yẹn? Ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹ́ ohun ọ̀gbìn tó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò. Ọ̀pọ̀ igi máa ń ṣí ihò tín-tìn-tín ara ewé wọn lọ́sàn-án láti mí, omi ara wọn á sì máa bá oòrùn lọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń pa tirẹ̀ dé nígbà tí oòrùn bá mú, òru tí afẹ́fẹ́ tutù ló ń ṣí i. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ní omi nínú. Ìdí nìyẹn tí adé fi lè wà lórí fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ kan láìrí omi, kó sì jẹ́ pé etí ewé mélòó kan péré ló gbẹ.

Báwo la ṣe ń yọ ọ́, tí a sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kò tíì dé ilé rárá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta á lórí ọmọlanke ni. Tí ẹ bá ní kó bá yín bó o, ọ̀bẹ ló máa fi dá orí rẹ̀. Nígbà míì, á gé e sókè jù, ewé lásán ló máa kó lé yín lọ́wọ́ láìsí kùkùté nídìí rẹ̀. Nígbà míì, á gé e sísàlẹ̀ jù, ẹran ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó nípọn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan orí. Tí ẹ bá délé, ẹ fi ọwọ́ kan di èso mú, ẹ fi èkejì di gbogbo ewé mú nísàlẹ̀, kí ẹ sì lọ́ ọ. Tí èso bá ti pọ́n, á já pẹ̀lú kùkùté rẹ̀ lódindi. Ẹ wo àárín ewé náà dáadáa kí ẹ tó rà á: ó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé, kó sì le. Adé tó ti sùn nínú fíríìjì fún ọjọ́ pípẹ́ kò ṣeé fọkàn tán, torí òtútù máa ń pa ọkàn rẹ̀, bí ewé ìta rẹ̀ tiẹ̀ ṣì ń dán.

Ẹ gé gbogbo ẹran dídùn tó bá kù nídìí rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fa ewé ìsàlẹ̀ ya sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí kùkùté yóò fi yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ ó rí àwọn tótóòtó àwọ̀ ilẹ̀ kéékèèké yí i ká. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti fẹ́ jáde. Lára àwọn adé míì, ẹ ó bá gbòǹgbò kéékèèké tó ti ń yọ sábẹ́ ewé kí ẹ tó débẹ̀. Kò burú, ẹ má yọ ọ́.

Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tí òjò kò lè pa á, tí oòrùn gangan kò sì ní jó o. Ní Èkó tí afẹ́fẹ́ wa máa ń tutù lásìkò òjò, ọjọ́ 5 sí 7 ni mo máa ń gbà àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n dúró. Ẹ má ka ọjọ́ nìkan, ẹ fi ìka kàn án. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, kó gbẹ, kó le. Bó bá ṣì ń lẹ̀, kò tíì tó.

Nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, kùkùté tí ẹ hó nìkan ni kó wọlẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí kó má baà máa mì. Ẹ má jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sáàárín ewé rẹ̀, torí ọkàn rẹ̀ nìyẹn, bí ibẹ̀ bá jẹrà ó ti tán. Ilẹ̀ tó ń fa omi ló fẹ́. Iyanrìn wa tí a fi ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa pò mọ́ ọn dára fún un. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò tuntun, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jẹrà kí ẹ tó lò ó.

Ife omi inú fídíò yẹn ńkọ́?

Kì í ṣe irọ́. Gbòǹgbò ń yọ nínú omi lóòótọ́, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí fídíò kò fi hàn ni pé ọgbẹ́ ní láti gbẹ kó tó wọ inú omi pàápàá, pé kùkùté nìkan ni omi gbọ́dọ̀ kàn, àti pé omi náà gbọ́dọ̀ máa yí padà lọ́jọ́ méjì-méjì. Bí omi bá dúró síbẹ̀, yóò rùn, ẹ̀fọn á sì yé sínú rẹ̀, ẹ̀fọn tí a ní ní Èkó sì ti tó wa. Gbòǹgbò inú omi tún máa ń rọrùn láti dá nígbà tí a bá ń gbé e lọ sínú ilẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tó ní kórobá iyanrìn kan nílẹ̀ yóò fi kọ́kọ́ gba ojú omi lọ.

Kí ló wá dé tí igi ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ gbẹ?

Wò ó bó ṣe wà: kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò. Gbogbo ohun tó ní láyé ni omi àti oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ti kó pamọ́ sínú rẹ̀. Oúnjẹ yẹn ni ojú rẹ̀ máa fi yọ, òun náà ni gbòǹgbò àkọ́kọ́ máa jẹ títí ewé tuntun á fi lè ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀. Kò sí ewé nípọn tó ń ṣọ́ omi fún un bíi ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Omi ń gba ẹnu ibi méjèèjì tí a ti gé e jáde, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gé e kéékèèké lónìí tó tẹ́ ẹ sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ kan, torí pé wọ́n ní kó sá adé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, igi ìdáná ló sá.

Ìdí tún nìyẹn tí a fi ń fi igi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní gígùn títí di ọjọ́ ìgbìn. Bí ẹ bá gba igi lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ẹ kò sì tíì ráyè, ẹ gbé e dúró sábẹ́ ìbòji, kí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kó kan ilẹ̀ tútù, kí ẹ máa bu omi wọ́n ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ ìgbìn, ẹ gé ibi tó ti gbẹ ní ìkángun méjèèjì dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tí ẹ máa gbìn.

Igi wo ló dára, báwo la sì ṣe ń gé e?

Igi tó ti tó oṣù 8 sí 12 lóko la ń wá, tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó nípọn tó àtàǹpàkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé e, ẹ wo àárín rẹ̀: fùkẹ̀fùkẹ̀ funfun kan wà níbẹ̀. Bí fùkẹ̀fùkẹ̀ yẹn bá gba ju ìdajì ìbú igi lọ, igi náà kéré lọ́jọ́ orí, oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó. Ẹ wá fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Oje yẹ kó yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá yọ, ẹ gé e wọnú sí i títí ẹ ó fi dé ibi tí oje wà. Bí ẹ gé e dé àárín tí oje kò sí, ẹ jù ú nù.

Ẹ bi ẹni tó fún yín ní igi pé báwo ni ewé ìyá rẹ̀ ṣe rí. Àrùn kan wà tó máa ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di alábàlá, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé á pò mọ́ra, ewé á ká kò, á sì kéré. Kòkòrò funfun kékeré tó ń fò lábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n igi tí a gé lára ẹ̀gẹ́ tó ní in ló ń gbé e wọ oko tuntun jù. Kò sí oògùn tí a lè rẹ igi náà sí tí yóò mú un kúrò. Tí ewé bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fi í ta yín lọ́rẹ. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ṣé ẹ̀gẹ́ tí a lè sè jẹ ni àbí ti gàrí, torí irú tí igi jẹ́ ni ohun tí ẹ máa wú yóò jẹ́.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, díẹ̀ ló sì kù kó tó rúlà ọmọ ilé-ìwé. Ó yẹ kó ní ojú 5 sí 7. Ẹ fi àdá tó mú dáadáa gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó mọ́. Àdá kíkú máa ń fọ́ ìdí igi sí yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ojú ibi fífọ́ yẹn sì ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹ gé e ní ìdábùú kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, ẹ má dá a gẹ̀rẹ̀ kó ṣe ṣóńṣó. Èyí tí a gé tó tẹ́jú máa ń yọ gbòǹgbò yí ìdí rẹ̀ ká, èyí tí a gé ní ṣóńṣó máa ń kó gbòǹgbò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àgbàlá kan ní Ṣómólú: báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká mú àgbàlá kan tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, lẹ́yìn ilé kan ní Ṣómólú, ní oṣù kẹrin tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó ni ín ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì ní Mile 12 lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì kó igi ẹ̀gẹ́ méjì wá fún un láti Ìkòròdú lọ́jọ́ náà. Igi kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120.

Ẹ̀gẹ́ kan fẹ́ mítà kan sí òmíràn, nítorí náà 6 ni ilẹ̀ yìí lè gbà. Lára igi kọ̀ọ̀kan, ó gé bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kúrò lórí, torí ibẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì rọ̀. Ó gé bíi 20 kúrò nídìí tó ti gbó jù. Ó ku 70, ó pín in sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní 23. Igi méjì fún un ní 6 gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn òjò, ló gé wọn, ọjọ́ náà ló sì gbìn wọ́n.

Àgbàlá yẹn máa ń gba omi sílẹ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje bíi ti ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ó kọ ebè kọ̀ọ̀kan sókè kó tó gbìn. Igi ẹ̀gẹ́ tó bá sùn sínú omi kì í pẹ́ jẹrà. Kó tó ki igi bọlẹ̀, ó wo ojú rẹ̀: ojú máa ń jókòó sórí àpá ibi tí ewé ti já, òkè ló sì máa ń kọjú sí. Bí a bá gbìn ín lódì, ó lè hù o, ṣùgbọ́n á pẹ́, á sì fi oúnjẹ rẹ̀ ṣòfò láti yí orí padà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ki bọlẹ̀, ìdá kan wà lókè. Iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, ó gbìn ín lóòró. Ní ilẹ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, àá dá a gẹ̀rẹ̀.

Adé méjèèjì kò sí nínú iṣẹ́ Sunday. Wọ́n wà lórí fèrèsé, wọ́n ń gbẹ. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó wọ inú kórobá ọ̀dà méjì tó ti lu ihò sí nídìí, nígbà tí ọ̀mùnú àkọ́kọ́ ẹ̀gẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọjú. Ó bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún bomi rin wọ́n mọ́ títí ojú iyẹ̀pẹ̀ fi gbẹ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé gbòǹgbò ti yọ?

Ibí yìí ni ojú ti ń tan èèyàn jù, torí pé àwọn méjèèjì tún yàtọ̀ síra níbẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ máa ń yọ ọ̀mùnú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Inú èèyàn á dùn, á rò pé ó ti mú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú igi lè yọ ewé láìjẹ́ pé gbòǹgbò kankan wà nílẹ̀. Bí oúnjẹ náà bá tán kí gbòǹgbò tó dúró, ewé yẹn á rọ, á gbẹ, ẹni tó ni ín á sì máa bú ilẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ní "ó yọ ewé, ó tún kú" nìyẹn. Igi tí ó gbìn gbẹ jù, tàbí ó tín-ínrín jù, tàbí ilẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀gẹ́ tó ti fìdí múlẹ̀ máa ń fi ewé tuntun lé ewé tuntun, ewé náà kì í sì rọ lọ́sàn-án gangan. Èyí tí kò bá yọ ojú rárá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wú u wò. Bó bá rọ̀ tó ń rùn, omi ló pa á. Bó bá gbẹ tó fúyẹ́, ọ̀dá ni. Bí inú rẹ̀ bá ti ṣófo, ikán ti ṣe tiẹ̀. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kíákíá kí àwọn tó kù má baà ga bò ó. Ẹ ṣọ́ ewúrẹ́ àdúgbò náà, torí ọ̀mùnú tuntun ni wọ́n ń wá.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní tiẹ̀ máa ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 kí gbòǹgbò tó dúró, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ létí, àwọn èèyàn á sì fẹ́ fà á tu kí wọ́n wò ó. Ẹ má fà á tu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ fi ìka méjì di ewé rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kí ẹ fà á díẹ̀ sókè. Bó bá kọ̀ yín, gbòǹgbò ti dì í mú. Àmì kejì ni ewé tuntun tó mọ́ tó ń jáde láti àárín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ewé àárín ló yọ sí yín lọ́wọ́ láìsí wàhálà, tí ìdí rẹ̀ rọ̀, tó ní òórùn búburú, ọkàn rẹ̀ ti jẹrà, kò ṣeé gbà là. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ inú kórobá náà nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ la ihò ìdí rẹ̀ sí i kí ẹ tó fi adé míì síbẹ̀.

Láti ìgbà tí gbòǹgbò bá ti dúró, àkókò wọn tún yàtọ̀. Ẹ̀gẹ́ inú àgbàlá Ṣómólú yẹn yóò ṣeé wú láàárín oṣù 9 sí 12. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a gbìn láti adé máa ń gbà tó oṣù 18 sí 24 kó tó so, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ tiẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lọ wá ọmọ tó yọ nídìí ọ̀pẹ̀ òyìnbó àgbà lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tó ní in. Ìyẹn máa ń yá ju adé lọ, bí a ṣe ń ṣí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí a sì ń jẹ́ kó gbẹ kò sì yàtọ̀.